Ìṣẹ́jú 10 Kí Ẹ Tó Ti Ìlẹ̀kùn

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Akóbọ̀ la ń gbé. Mo ní ìbejì ọmọ ọdún 9 tí wọ́n wà ní kíláàsì kẹrin nílé-ìwé kan ní Bódìjà, àti Ìdòwú, ọmọ ọdún 4, tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ní Baṣọ̀run. Bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, alẹ́ Jímọ̀ ló ń dé. Agogo 7 la máa ń jáde. 7:45 ni wọ́n ń ti géètì ìbejì, mo sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì kí agogo 8 tó lù. Àbúrò mi tàbí aládùúgbò wa kan ló ń bá mi mú Ìdòwú ní agogo 1:30. Ìbejì ń ṣe lẹ́sìn di agogo 4, èmi ni mo ń lọ mú wọn. Inú mọ́tò ni mo ti máa ń gbọ́ pé iṣẹ́ àṣetiléwá kan wà tí wọn ò tíì ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì sì ni ìrẹsì Ìdòwú ti kan kó tó di ọ̀sán. Báwo ni kí n ṣe to àárọ̀ wa? Ìyá Ìbejì."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, Ọlọ́run á wò wọ́n. Ọdún 14 ni mo fi ṣe tíṣà kíláàsì, mo tún fi ọdún 11 ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí n'Íbàdàn, ìdí géètì ni mo sì máa ń dúró sí láràárọ̀. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ pẹ́ á mọ ọmọ tí wọ́n ti múra rẹ̀ láti àná, á sì mọ èyí tó jẹ́ pé inú mọ́tò ni wọ́n ti ń múra. Ọmọ kejì yìí á sọ̀ kalẹ̀ tòun ti báírò lọ́wọ́, ìwé ìṣirò á wà ní ṣíṣí lábẹ́ apá rẹ̀, gbogbo ìlà tó kọ á ti wọ́ nítorí kòtò ojú títì. Tíṣà ti mọ ibi tí wọ́n ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó tó ka ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé àárọ̀ kì í ṣe àkókò iṣẹ́. Alẹ́ la ń ṣiṣẹ́. Àárọ̀ wà fún kí ẹ fojú rí i, kí ẹ sì fọwọ́ kàn án, pé ohun tí ẹ ti ṣètò lálẹ́ wà níbi tó yẹ kó wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí àyẹ̀wò òwúrọ̀ yín má ju ìṣẹ́jú 10 lọ, kí ìbéèrè inú rẹ̀ má sì ju 3 lọ: ta ló máa mú ọ lónìí, kí lo máa jẹ, ìwé wo lo máa fún tíṣà. Ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kò lè tún nǹkan kan ṣe kí ẹ tó ti ìlẹ̀kùn, ẹ má bèèrè rẹ̀ láàárọ̀ rárá. "Kí ló dé tí o kò ṣe é lánàá?" Ìbéèrè alẹ́ nìyẹn. Bí ẹ bá bèèrè rẹ̀ láàárọ̀, ẹkún nìkan ló máa mú jáde, ẹkún sì ń jẹ àkókò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ aago, torí bí ìyẹn ò bá tọ́, gbogbo èyí tó kù á wó lé e lórí. Ó dà bíi pé ẹ wo 7:45, ẹ ní ìṣẹ́jú 45 tó láti Akóbọ̀ dé Bódìjà, ẹ wá mú agogo 7. Ì bá tó bí ẹ bá ń lọ tààrà. Ṣùgbọ́n ẹ ń yà ní Baṣọ̀run, ẹ sì tún ní agogo 8 tiyín níwájú. Ẹ má ka aago síwájú mọ́, ẹ máa kà á sẹ́yìn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ dé kẹ́yìn. Láti géètì Bódìjà dé orí àga yín ní Sẹkitéríàtì, pẹ̀lú wíwá ibi tí ẹ máa páàkì sí, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 20: 7:40 lẹ gbọ́dọ̀ kúrò ní Bódìjà. Láti Baṣọ̀run, kí ẹ gba Aṣí wọ Bódìjà, ìṣẹ́jú 20, ẹ fi 5 lé e kí ìbejì fi sọ̀ kalẹ̀: 7:15 lẹ gbọ́dọ̀ kúrò ní Baṣọ̀run. Ọmọ ọdún 4 kì í ṣe ọmọ tí à ń sọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì, ẹ máa fà á lé àǹtí kíláàsì rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ fún ìyẹn ní ìṣẹ́jú 8. Láti ilé, kí ẹ gba Jẹ́nẹ́rà Gáàsì dé Baṣọ̀run láàárọ̀ Mọ́ńdè, pẹ̀lú àwọn Máíkírà tó ń já èrò sójú títì, ìṣẹ́jú 25. Ẹ ti dé 6:42 nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sí 6:40.

Ẹ wò ó pé ìṣẹ́jú 20 ni ẹ ń jẹ gbèsè rẹ̀ kí ẹ tó jí. Ibẹ̀ ni wàhálà inú mọ́tò yẹn ti ń wá, kì í ṣe ọwọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fọkàn wọn àwọn ìṣẹ́jú wọ̀nyí, ẹ̀yin lẹ máa fi aago wọ̀n wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ kan, láti Mọ́ńdè dé Jímọ̀, kí Táíyé tàbí Kẹ́hìndé máa kọ aago sílẹ̀ nígbàkígbà tí mọ́tò bá gbéra àti nígbà tó bá dúró. Lópin ọ̀sẹ̀, ẹ má pín in dọ́gba. Ọjọ́ tó burú jù nínú 5 yẹn ni kí ẹ mú, torí ọjọ́ tó burú ni wọ́n ń ti géètì mọ́ ènìyàn. Bí ẹ bá jí tí òjò ti ń rọ̀, ẹ yọ ìṣẹ́jú 15 sí i, kí àwọn ọmọ jẹ búrẹ́dì wọn nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ bá máa jáde ní 6:40, 6:25 ni àyẹ̀wò máa bẹ̀rẹ̀, á parí ní 6:35, ìṣẹ́jú 5 tó kù wà fún ilé ìtọ̀ àti bàtà. Aṣọ ti wà lórí háńgà láti àná, títí kan aṣọ eré ìdárayá bó bá jẹ́ ọjọ́ rẹ̀. Báàgì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wà nílẹ̀ lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, síìpù wọn á wà ní ṣíṣí. Mo tẹnu mọ́ síìpù yẹn. Báàgì tó bá ti wà ní pípa, ẹ̀ ń gba ohun tó wà nínú rẹ̀ gbọ́ ni. Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ pa síìpù náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo inú rẹ̀, báàgì tí ẹ bá sì ti pa, kò sẹ́ni tó tún gbọ́dọ̀ ṣí i títí dé ilé-ìwé.

Ìbéèrè kìíní ni mo máa ń fi ṣáájú, àní ṣáájú ìwé, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Ọmọ mi àbígbẹ̀yìn jẹ́ ọmọ ọdún 5 nígbà náà, ilé-ìwé mìíràn ló sì wà. Mo rò pé bàbá rẹ̀ á gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ náà, bàbá rẹ̀ rò pé èmi ni mo máa yà. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò sọ ọ́ jáde lẹ́nu, torí olúkúlùkù rò pé ọ̀rọ̀ náà ti yé ẹnìkejì. 5:40 ìrọ̀lẹ́ ni mo dé ibẹ̀. Àwọn tíṣà ti lọ. Ó jókòó ti bàbá géètì lórí bẹ́ǹṣì, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kò sunkún, ó kàn ń wo ọ̀nà. Ó lé ní ogún ọdún tó ti ṣẹlẹ̀, mi ò sì tíì gbàgbé bó ṣe di báàgì yẹn mú.

Ọ̀rọ̀ Ìdòwú lewu ju tiwa lọ, torí ẹni méjì ló ń gbà á mú, ìyẹn ni pé lọ́jọ́ kan àbúrò yín á rò pé aládùúgbò ni, aládùúgbò á rò pé àbúrò yín ni. Nítorí náà, ẹnìkan ṣoṣo ni kó ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín ọ̀sẹ̀ fún wọn lálẹ́ Sọ́ńdè: àbúrò yín ní Mọ́ńdè, Túsìdeè àti Wẹ́sìdeè, aládùúgbò ní Tọ́sìdeè àti Jímọ̀. Láàárọ̀, kí ẹ tó pa síìpù báàgì Ìdòwú, ẹ fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ọjọ́: "Ẹ̀yin lẹ máa mú Ìdòwú lónìí, 1:30." Kó fèsì. Àmì pé ó ti rí i kò tó, ẹ dúró de "bẹ́ẹ̀ ni." Bí ìdáhùn ò bá tíì dé títí ẹ fi dé Baṣọ̀run, ẹ pè é kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bèèrè lọ́wọ́ ọmọ, lójúkojú:

"Ìdòwú, ta ló máa mú ọ lónìí?"

"Àǹtí."

"Àǹtí wo? Ti ilé-ìwé ni àbí àbúrò Mọ́mì?"

"Àbúrò Mọ́mì."

"Bí ẹlòmíì bá wá ńkọ́, tó ní Mọ́mì ló rán òun?"

"Màá padà sọ́dọ̀ àǹtí kíláàsì wa."

Ọmọ ọdún 4 lè kọ́ ìdáhùn yìí, àárọ̀ bíi mẹ́wàá ló máa gbà á. Ẹ má fi ojú pé ó ń ṣe bí ọmọ eré wò ó. Ẹ sì kọ orúkọ àwọn méjèèjì, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn, fún ilé-ìwé, kí ẹ ní kí wọ́n má fi í lé ẹlòmíì lọ́wọ́ àfi bí ẹ bá pè wọ́n láti orí nọ́ńbà tiyín.

Ó kan oúnjẹ. Ìrẹsì tó kan lẹ́ẹ̀mejì yẹn, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé lọ́wọ́ọ́wọ́ ni ẹ dì í. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó fẹ́ràn ìrẹsì, tí hóró kòkòrò náà kì í kú bí ìrẹsì bá tilẹ̀ hó lórí iná. Bí ìrẹsì bá gbóná janjan, kò lè ṣe nǹkan kan. Bó bá tutù nini, kò lè ṣe nǹkan kan. Àárín méjèèjì, láti bíi 5°C títí dé 60°C, ni ó ti ń bí sí i. Àwọn onímọ̀ ètò oúnjẹ ní kí oúnjẹ sísè má ju wákàtí 2 lọ nínú ipò yẹn, bí ojú ọjọ́ bá sì gbóná ju 32°C lọ, kó má ju wákàtí 1. Ìdòwú ń gbé tirẹ̀ láti 6:15 títí di ọ̀sán, wákàtí bíi 6. Májèlé tí kòkòrò náà bá sì ti tú sínú ìrẹsì, gbígbé e padà sórí iná kò lè pa á. Èyí tó kan nìkan kọ́ ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Òmíràn wà tí kò ní rùn, tí ọmọ á jẹ, inú á wá máa run ún tàbí kó máa bì kó tó di agogo 3.

Bí ẹ bá fẹ́ fún un ní ìrẹsì, fúláàsì oúnjẹ onírin ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kọ́kọ́ gbóná fúláàsì náà. Ní 6:05, ẹ da omi tó ń hó kún inú rẹ̀, ẹ dé e, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Láàárín ìyẹn, ẹ gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ sórí iná, kó gbóná dé ibi tí èéfín ń yọ láti àárín ìkòkò, kì í ṣe etí rẹ̀ nìkan. Ní 6:15, ẹ da omi náà nù, ẹ rọ ìrẹsì sí i lójú ẹsẹ̀, ẹ kún un dé ọrùn, ẹ dé e. Fúláàsì tí wọ́n bu oúnjẹ dé ìdajì máa ń tutù kíákíá, nítorí náà fúláàsì kékeré tó kún sàn fún Ìdòwú ju ńlá tó ṣófo lọ. Ìrẹsì àná tí ẹ máa gbé gbóná fún un, kó jẹ́ èyí tó wọ fíríìjì láàárín wákàtí 2 tí ẹ sè é. Bó bá sun inú ìkòkò lórí sítóòfù mọ́jú, ẹ má fi í ránṣẹ́.

Fúláàsì mìíràn ń purọ́. Ẹ dán tiyín wò lọ́jọ́ Sátidé: ẹ rọ ìrẹsì sí i bí mo ṣe sọ ní 6:15, ẹ má ṣí i títí di agogo 12. Bí èéfín bá ṣì yọ nígbà tí ẹ ṣí i, tí ṣíbí kìíní sì gbóná débi pé ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ẹ tó jẹ ẹ́, ó ṣeé lò. Ẹni tó bá ní tẹ̀mọ́mítà oúnjẹ, kó wò bóyá ó ṣì wà lókè 60°C. Bó bá ti di lọ́wọ́ọ́wọ́, rọ́bà ìdérí rẹ̀ ti bàjẹ́ tàbí ògiri rẹ̀ ti jò, ẹ fi í sílẹ̀ fún nǹkan mìíràn.

Láwọn ọjọ́ tí kò sí gáàsì, tàbí tí ẹ bá jí pẹ́, ẹ fi ìrẹsì sílẹ̀. Búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, bisikíìtì àti ọsàn kò bẹ̀rù wákàtí 6. Ẹyin sísè lè tẹ̀lé wọn bí ẹ bá fi píọ̀ wọ́tà tó ti dì gbagidi nínú fírísà tì í nínú báàgì oúnjẹ, kí ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì kékeré wé e kó má baà rin búrẹ́dì. Bó bá fi máa di ọ̀sán, omi náà á ti yọ́, ó di omi mímu. Ìyẹn fẹ́ iná mànàmáná tó sun ilé mọ́jú, ẹ sì mọ̀ pé kì í rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Bí píọ̀ wọ́tà kò bá dì, ẹ yọ ẹyin kúrò. Ẹ má fi ẹ̀pà odindi fún Ìdòwú, kò tíì pé ọdún 5, ó lè há a lọ́fun níbi tí kò sí ẹni tó ń wò ó. Ìbéèrè kejì láàárọ̀ kò gùn: ẹ gbé báàgì oúnjẹ wò, ẹ rí ṣíbí, ẹ rí omi, ó tán.

Ìbéèrè kẹta, ti ìwé, ni mo fẹ́ jókòó tì.

Ẹ má bi ọmọ ọdún 9 pé "Ṣé o ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ?" Á ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sì purọ́. Ó lè ti ṣe é kó fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó lè ti ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì kó gbàgbé ti ìṣirò. Ó lè ti kọ ìbéèrè sílẹ̀ kó má tíì dáhùn wọn. Gbogbo rẹ̀ lóun ń pè ní "mo ti ṣe é." Ohun tí ẹ máa sọ ni "Fi hàn mí." Á fa ìwé náà yọ nínú báàgì, á ṣí ojú ewé rẹ̀, ẹ máa wo ọjọ́ tó wà lókè àti ìlà tó kẹ́yìn. Ìṣẹ́jú àáyá 20 péré. Ẹ ò ní máa wò ó bóyá ó gbà á, iṣẹ́ tíṣà nìyẹn. Ẹ kàn ń wò ó pé ó wà níbẹ̀, ó sì parí.

Lọ́dọ̀ ìbejì, nǹkan kan tún wà. Ọ̀kan á dáhùn fún ìkejì. Kẹ́hìndé á ní "a ti ṣe é," Táíyé á sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo ti kọ́ ìbejì tó pọ̀, mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn dáadáa. Ẹ pè wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí èyí tí ẹ ò pè máa wọ bàtà ní yàrá. Bí ìdáhùn àwọn méjèèjì bá jọra délẹ̀, tó fi jẹ́ pé àṣìṣe kan náà ló wà nínú méjèèjì, ọ̀kan ló ṣe é. Ẹ má sọ ọ́ láàárọ̀. Ẹ fi í sínú, kó di ọ̀rọ̀ alẹ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ lọ́la yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí wọ́n fún ní ọjọ́ pípẹ́, èkejì ló sì ń bú gbàù nínú mọ́tò. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan. Tíṣà ní kí Kẹ́hìndé ya máàpù Nàìjíríà sórí káádíbọ́ọ̀dù, kó kọ orúkọ ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá sí i, kó mú un wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Mọ́ńdè ló gbọ́ ọ. Lọ́kàn ọmọ, Jímọ̀ jìnnà. Lọ́kàn yín, kò tíì dé etí yín. Alẹ́ Tọ́sìdeè, agogo 9, ló máa rántí, nígbà tí kò sí ìsọ̀ kankan tó ṣí ní Akóbọ̀ tí ẹ ti máa rí káádíbọ́ọ̀dù rà.

Ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Bí tíṣà bá dárúkọ ọjọ́ Jímọ̀, ẹ má kọ Jímọ̀ nìkan. Ẹ kọ ọjọ́ 3 síbẹ̀: ọjọ́ tí ẹ máa ra nǹkan, ọjọ́ tó máa ṣe é, ọjọ́ tó máa mú un lọ. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn yín á rí báyìí:

Kẹ́hìndé, máàpù.
Rà: Túsìdeè (káádíbọ́ọ̀dù, àwọ̀ kíkùn).
Ṣe: Wẹ́sìdeè yíyà, Tọ́sìdeè kíkùn.
Mú lọ: Jímọ̀.

Láàárọ̀ Túsìdeè, lẹ́yìn "fi hàn mí," ẹ máa fi gbólóhùn kan kún un: "Kí ni mo gbọ́dọ̀ rà kí n tó délé lónìí?" Àwọn méjèèjì á ka ìwé ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn síta fúnra wọn. Ẹ̀yin á kọ "káádíbọ́ọ̀dù" sórí fóònù yín, ẹ máa rà á ní Bódìjà lẹ́yìn agogo 4, nígbà tí ẹ bá ti mú wọn tán, ọmọ á sì wà níbẹ̀ tó máa sọ irú èyí tí tíṣà ń fẹ́. Ìbéèrè yìí ló yẹ àárọ̀, torí ọjọ́ ṣì wà níwájú yín, ọjà ṣì máa ṣí. Bó bá di alẹ́ Tọ́sìdeè, ẹ ká máàpù náà, ẹ fi rọ́bà dè é, ẹ gbé e dúró ti ìlẹ̀kùn gan-an. Kì í wọ báàgì, ohun tí kì í wọ báàgì la sì máa ń gbàgbé sílé. Ọ̀pọ̀ òbí tó padà wá sí géètì mi ní agogo 8 kọjá, nǹkan gígùn ni wọ́n gbé lọ́wọ́: ìgbálẹ̀, máàpù, igi tí wọ́n fẹ́ fi ṣe nǹkan ọwọ́.

Bí ẹ bá wá rí i ní 6:30 pé ìṣirò Táíyé ò parí ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó ṣe é nínú mọ́tò, ẹ má sì ṣe é fún un. Ẹ fà báírò yọ, ẹ kọ ọ́ sí etí ìwé náà: "Ẹ jọ̀wọ́, Táíyé ṣe 6 nínú 10. Ó dúró síbi tí ìdá ti ní nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tó yàtọ̀ síra. Á mú èyí tó kù wá lọ́la." Ẹ fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì, irú ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò fún mi ju 10 tó pé tí màmá ẹni ṣe lọ, torí ó sọ ibi tí mo máa ti tún kọ́ ọ fún mi. Ọmọ náà lè gba ìbáwí díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbà á.

Kí ẹ máa kọ àmì kékeré sórí ìwé ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn nígbàkígbà tí nǹkan ò bá parí, kí ẹ dárúkọ iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ẹ wò ó. Bí àmì náà bá wà káàkiri, lórí Gẹ̀ẹ́sì, lórí Yorùbá, lórí ìṣirò, alẹ́ yín ni kò tò, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ti ìwé kí wọ́n tó sún mọ́ tẹlifíṣàn. Bó bá jẹ́ ìṣirò ni gbogbo rẹ̀, ìṣirò ni kò yé e, kò sí ètò àárọ̀ tó máa wo ìyẹn sàn, ẹ lọ bá tíṣà. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ tíṣà ń lò fún iṣẹ́ alẹ́ ni ìṣẹ́jú 10 fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni ìṣẹ́jú 40 fún kíláàsì kẹrin. Bí ti ìbejì bá ń gbà tó wákàtí kan ààbọ̀ lójoojúmọ́ láìṣeré, ìyẹn náà, ẹ sọ ọ́ fún tíṣà, ó lè má mọ̀.

Ó ku Wáásáàpù kíláàsì. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni tíṣà ń ju iṣẹ́ sí, láàárín kú oríire àti fọ́tò ọjọ́ ìbí, nígbà tí ẹ̀yin wà nídìí iná. Iṣẹ́ yìí, ẹ gbé e fún bàbá wọn. Èkó tó wà kò dí i lọ́wọ́ àtika Wáásáàpù. Kó ka ti kíláàsì méjèèjì ní agogo 7 alẹ́, láti Sọ́ńdè dé Tọ́sìdeè, kó yọ ohun tó kan iṣẹ́ nìkan, kó fi í ránṣẹ́ sí yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó di 7:30: iṣẹ́ wo, ojú ewé wo, ọjọ́ wo. Ohun tí tíṣà bá jù síbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn di ti ọ̀la, kí ẹ sì fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ fún tíṣà pé bí ilé yín ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nígbà tó bá dé lálẹ́ Jímọ̀, òun ni kó yọ ìwé ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, kó bá Táíyé àti Kẹ́hìndé kọ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ padà.